Ṣé o mọ̀? Bí ẹ̀rọ agbanisíṣẹ́ ṣe ń ka síífí rẹ, àti ibi tí orúkọ rẹ ti ń sọnù

Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀rọ tó kọ́kọ́ gba síífí rẹ kì í wo ojúewé rẹ? Àwọ̀ búlúù tó o fi fa ìlà, fọ́tò tó o lẹ̀ mọ́ igun, àlàfo tó o fara balẹ̀ fi sílẹ̀ kó lè dùn ún wò, kò sí èyí tó kàn án. Ohun tó máa kọ́kọ́ ṣe ni pé yóò fa ọ̀rọ̀ yọ nínú fáìlì, yóò tò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀ bíi lẹ́tà tí kò lọ́ṣọ̀ọ́, yóò sì da ìyókù nù. Lẹ́yìn náà ni yóò wá àkọlé bíi `WORK EXPERIENCE` àti `EDUCATION`, kó lè gé ọ̀rọ̀ náà sí apá-apá. Inú apá kọ̀ọ̀kan ni yóò ti ṣa ipò iṣẹ́, orúkọ ilé-iṣẹ́, déètì àti orúkọ ilé-ìwé, tí yóò sì kó wọn sínú àwọn àpótí kéékèèké tó ti là sílẹ̀. Nígbà tí ẹni tó ń gbani síṣẹ́ bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tó tẹ `Accounts Officer` àti `Lagos`, inú àwọn àpótí wọ̀nyẹn ni wọ́n ti ń wá ọ. Ohun tó bá bọ́ sínú àpótí tí kì í ṣe tirẹ̀, ńṣe ló dà bíi pé o ò kọ ọ́ rárá.

`ATS` ni àwọn agbanisíṣẹ́ ń pe ẹ̀rọ náà. Kì í ṣe ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Láti ìparí àwọn ọdún 1980 ni ilé-iṣẹ́ Resumix ní Kalifọ́níà ti ń ta irú rẹ̀. Bébà ni àwọn èèyàn ń fi ránṣẹ́ nígbà náà, wọn yóò fi ẹ̀rọ ya bébà náà sínú kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà yóò sì máa méfò lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.

Ṣé o mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ibi iṣẹ́ l'Ékòó ló ní in? Ṣọ́ọ̀bù tó ń ta táyà ní Múṣin, ilé-ìwé aládàáni ní Sùúrùlérè, ọ̀pọ̀ nínú wọn á ní kó o fi síífí ránṣẹ́ sí ímeèlì ni, ọ̀gá fúnra rẹ̀ á sì ṣí i lórí fóònù. Níbẹ̀, ojú èèyàn ló máa kà á, ohun tí mò ń sọ yìí kò sì kàn wọ́n. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé orí ìkànnì ilé-iṣẹ́ ńlá lo ti ń fi ìwé sílẹ̀, tí wọ́n ní kó o kọ́kọ́ ṣí àkáǹtì, ẹ̀rọ ló wà nídìí rẹ̀. Báǹkì, ilé-iṣẹ́ epo àti ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ló sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wàá rí orúkọ bíi `Taleo`, tí Oracle rà lọ́dún 2012, tàbí `Workday`, tàbí `Greenhouse`, nínú àdírẹ́sì tó wà lókè ojúewé náà. Ti ilé wa náà wà: Èkó ni ilé-iṣẹ́ SeamlessHR wà, wọ́n sì ní ẹ̀rọ ìgbanisíṣẹ́ tiwọn. Jobberman tí gbogbo ẹni tó ń wáṣẹ́ mọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 2009.

Ṣé o mọ̀ pé kò sí ìwádìí kankan tẹ́nì kan lè nawọ́ sí nídìí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ kiri, pé ẹ̀rọ ń da síífí 75 nù nínú 100 kí èèyàn tó rí i? Àwọn tó ń ta iṣẹ́ títún síífí ṣe ló fẹ́ràn rẹ̀ jù. Ohun tó máa ń yọ èèyàn dànù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni ìbéèrè tí wọ́n to sójú fọ́ọ̀mù: ṣé o ti gba ìwé ẹ̀rí àgùnbánirọ̀, kí ni ìpele èsì yunifásítì rẹ, ọmọ ọdún mélòó ni ọ́. Bó o bá ti dáhùn ohun tí wọn ò fẹ́, ó parí. Síífí tí ẹ̀rọ kò rí kà kì í sábà gba ìwé ìkọ̀sílẹ̀. Ńṣe ló máa wà níbẹ̀ lábẹ́ ẹgbẹ̀rún èèyàn, tí ìwádìí kankan kò sì ní gbé e jáde.

Jẹ́ ká mú ẹnì kan gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, ká pè é ní Fọlákẹ́. Òtò ló ń gbé, lápá Ìdó sí Ẹ̀bútè Mẹ́ta. Ó kàwé ìṣirò owó ní Yaba College of Technology, ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1947. Ó ti ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́ta ní Múṣin. Ó lọ sí sáíbà káfè, ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ sì bá a mú ọ̀kan nínú àwọn àwòkọ́ṣe ẹlẹ́wà tó wà lórí Canva: òpó tóóró kan ní apá òsì, àwọ̀ aró, tí wọ́n to ìmọ̀ iṣẹ́ àti ẹ̀kọ́ sí, òpó gbígbòòrò ní apá ọ̀tún tí wọ́n kọ iṣẹ́ tó ti ṣe sí. Ó wu ojú. Ó sì gbà á ní `.pdf`.

Ṣé o mọ̀ pé fáìlì `.pdf` kì í sábà mọ ohun tó ń jẹ́ ìpínrọ̀ tàbí òpó? Adobe gbé e jáde lọ́dún 1993 kí ojúewé lè rí bákan náà lórí gbogbo ẹ̀rọ àti gbogbo pírítà, ìyẹn sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni àṣẹ tó ń sọ pé: gbé lẹ́tà yìí sí ibi báyìí, gbé èyí sí ibi báyìí. Nígbà mìíràn, àlàfo tó wà láàárín ọ̀rọ̀ méjì kò tiẹ̀ sí nínú fáìlì; ẹ̀rọ ló ń wọn bí lẹ́tà kan ṣe jìnnà sí èkejì, tó wá ń pinnu pé àlàfo nìyẹn. Ìlà tébù náà kò yàtọ̀: igi tí wọ́n fà lásán ni, kò so mọ́ ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀.

Nítorí náà, ọ̀nà méjì ni ẹ̀rọ lè gbà tò ó. Ó lè tẹ̀ lé bí àwọn àṣẹ náà ṣe tò nínú fáìlì, èyí tó lè jẹ́ bí wọ́n ṣe gbé àpótí ọ̀rọ̀ lé orí ara wọn nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Ìyẹn ni orúkọ ṣe lè bọ́ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, nítorí pé òun ni wọ́n fi sí i kẹ́yìn. Tàbí kó wo ibi tí lẹ́tà wà, kó sì kà á láti òsì sí ọ̀tún, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn, bíi pé òpó kan ṣoṣo ló wà. Àwọn ẹ̀rọ tó gbọ́n máa ń gbìyànjú láti fura sí àlàfo tó wà láàárín òpó méjì, àmọ́ nígbà tí àlàfo náà bá tóóró, wọn ò ní rí i. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí síífí Fọlákẹ́ nìyí nígbà tí wọ́n fa ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ yọ:

```
SKILLS WORK EXPERIENCE
Excel Accounts Officer
Sage 50 Mushin, Lagos
QuickBooks March 2019 - June 2022
EDUCATION Prepared monthly bank
HND Accountancy, reconciliation for
Yaba College of four branches
Technology, 2017
```

Kà á bí ẹ̀rọ ṣe máa kà á. Kò sí àkọlé tó ń jẹ́ `WORK EXPERIENCE` mọ́. `SKILLS WORK EXPERIENCE` ló rí, ìyẹn kò sì sí nínú àwọn àkọlé tó mọ̀. Ipò tí Fọlákẹ́ dì mú di `Excel Accounts Officer`. Ó lè mú `Sage 50 Mushin` bí orúkọ ilé-iṣẹ́. Àkọlé `EDUCATION` ti wọ inú gbólóhùn iṣẹ́ báǹkì, torí náà kò sí apá ẹ̀kọ́ mọ́. Orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ sì já sí méjì, `Yaba College of four branches` ni ohun tó kù. Àpótí ilé-ẹ̀kọ́ ṣófo. Ẹni tó bá wá ẹni tó ní `HND` láti Yábàá kò ní rí i, bẹ́ẹ̀ ohun gbogbo ló wà lójú bébà gbangba-gbàǹgbà.

Ohun tó máa tún un ṣe kò le: òpó kan ṣoṣo, àkọlé lórí ìlà tirẹ̀, ipò, ilé-iṣẹ́ àti déètì ní ìlà tó tẹ̀ léra.

```
WORK EXPERIENCE
Accounts Officer
Name of Company, Mushin, Lagos
March 2019 - June 2022

EDUCATION
Higher National Diploma (HND), Accountancy
Yaba College of Technology, 2017
```

Kò rẹwà. Mo gbà.

Ṣé o mọ̀ pé tébù inú fáìlì Word kò burú tó bí wọ́n ṣe ń wí? Fáìlì `.docx` yàtọ̀ sí `.pdf`: àpò tí wọ́n di fáìlì kéékèèké sí ni. Yí orúkọ rẹ̀ padà sí `.zip`, ṣí i, wàá rí `word/document.xml`, níbi tí ọ̀rọ̀ àti ìpínrọ̀ wà létòlétò. Tébù inú rẹ̀ ní ìlà àti àpótí tòótọ́, ẹ̀rọ tó bá sì fẹ́ kà á lè kà á, àpótí kan lẹ́yìn òmíràn, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn. Wàhálà wà ní ọ̀nà méjì. Àkọ́kọ́ ni pé àwọn irinṣẹ́ kan máa ń fo tébù bí ẹni tó ń lò wọ́n kò bá pàṣẹ fún wọn. Nínú `python-docx`, irinṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ń lò, tó o bá bi í pé kó kó `document.paragraphs` jáde, kò ní kó ìpínrọ̀ kankan tó wà nínú tébù mọ́ ọn. Ó dìgbà tí o bá béèrè `document.tables` lọ́tọ̀. Ìkejì ni bí àwa fúnra wa ṣe ń to tébù. Ẹni tó bá kó iṣẹ́ mẹ́ta sínú àpótí òsì kan, tó sì kó déètì mẹ́ta sínú àpótí ọ̀tún kan, tó wá ń tẹ `Enter` títí wọ́n fi dọ́gba lójú, ohun tí ẹ̀rọ máa rí ni iṣẹ́, iṣẹ́, iṣẹ́, lẹ́yìn náà déètì, déètì, déètì. Iṣẹ́ wo ló ni déètì wo? Ẹ̀rọ kò mọ̀, ó sì lè ka ọdún ìrírí rẹ sí òdo. Bí o kò bá lè ṣe kó o má lo tébù, jẹ́ kí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan àti déètì rẹ̀ wà ní ìlà tébù kan náà.

Ṣé o mọ̀ pé orí ojúewé ni ibi tó burú jù láti kọ nọ́ńbà fóònù rẹ sí? Kì í ṣe òkè ojúewé ni mò ń wí o, àyè tí Word ń pè ní `Header` ni. Ọ̀rọ̀ tó o bá kọ síbẹ̀ kì í wọ `word/document.xml`. Fáìlì mìíràn tó ń jẹ́ `word/header1.xml` ló ń lọ, ẹ̀rọ tó bá sì ń ka ti àkọ́kọ́ nìkan kò ní débẹ̀. Orúkọ, fóònù, ímeèlì, gbogbo rẹ̀ lọ. Wọ́n á fẹ́ pè ọ́, wọn ò ní rí ohun tí wọ́n máa fi pè. Àpótí ọ̀rọ̀, èyí tí Word ń pè ní `Text Box`, jọ ọ́: inú `document.xml` ló wà lóòótọ́, àmọ́ ó fara pamọ́ sínú àwòrán, àwọn irinṣẹ́ kan kì í sì í wo inú àwòrán.

Ìràwọ̀ márùn-ún tó o fi díwọ̀n bó o ṣe mọ Excel tó? Ó lọ. Àwòrán fóònù kékeré tó dúró dípò ọ̀rọ̀ `Phone`? Ó lè di àmì tí kò nítumọ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ irú àwòrán bẹ́ẹ̀ jẹ́ lẹ́tà fọ́ǹtì tí wọ́n fi sí àyè tí Unicode fi sílẹ̀ fún oníkálùkù láti lò bó ṣe wù ú. Orúkọ tó o ya lẹ́tà rẹ̀ síra, `F O L A K E`, kó lè gba àyè? Bó bá jẹ́ àlàfo gidi lo tẹ̀ sí i, lẹ́tà mẹ́fà ni ẹ̀rọ rí, kò rí orúkọ. Ọ̀rọ̀ funfun tó o fi pamọ́ sísàlẹ̀ kí ẹ̀rọ lè rí ohun tí ìpolówó iṣẹ́ ń béèrè? Ẹ̀rọ máa bọ́ àwọ̀ rẹ̀ dànù, ẹni tó ń gbani síṣẹ́ á sì rí gbogbo rẹ̀ lójú rẹ̀ kedere. Ìtìjú lásán ni.

Ṣé o mọ̀ pé fọ́ǹtì lè pa odindi apá kan nínú síífí rẹ? Àwọn fọ́ǹtì kan máa ń so lẹ́tà méjì pọ̀ kí wọ́n lè dára lójú: `f` àti `i` di àmì kan, `t` àti `i` náà lè di àmì kan. Kí ẹ̀rọ tó lè tú u padà sí lẹ́tà méjì, àkójọ kékeré kan gbọ́dọ̀ wà nínú `.pdf` náà tó sọ pé àmì yìí dúró fún `ti`. Nígbà tí àkójọ náà bá ṣì í, àmì mìíràn ló máa jáde. Calibri ni wọ́n mọ̀ jù fún èyí: nínú `.pdf` kan tí wọ́n fi ṣe, wàá fa ọ̀rọ̀ yọ, wàá rí

```
EducaƟon
AdministraƟon
aƩenƟon
```

Ojú kò lè mọ̀ ọ́n nígbà tí fáìlì náà ṣì wà ní ṣíṣí, nítorí pé àwòrán lẹ́tà náà péye. Àmọ́ `EducaƟon` kì í ṣe àkọlé tí ẹ̀rọ mọ̀, gbogbo ẹ̀kọ́ rẹ á sì lẹ̀ mọ́ iṣẹ́ tó o kọ sókè rẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n gbà sọ ọ́ di `.pdf` ló máa ń fà á: `Save As` inú Word sábà máa ń ṣe é dáadáa ju kí o gba ọ̀nà pírítà lọ. Bó o bá kọ àkọlé ní lẹ́tà ńlá, `EDUCATION`, ìsopọ̀ náà kò ní wáyé níbẹ̀ rárá.

Ó kan èyí tó dùn mí jù. Ṣé o mọ̀ pé orúkọ tí bàbá rẹ sọ ọ́ ni ohun tó ṣòro jù fún ẹ̀rọ láti kà nínú gbogbo síífí rẹ?

`á` àti `ò` kì í dá wàhálà sílẹ̀ púpọ̀, nítorí pé èdè Faransé, Potogí àti Ítálì ń lo irú wọn, wọ́n sì ti wà nínú àwọn àkójọ lẹ́tà àtijọ́ tí Windows ń lò. `ẹ`, `ọ` àti `ṣ` ni kò sí níbẹ̀. Ẹ̀rọ tó bá ṣì ń kó ọ̀rọ̀ gba inú àkójọ àtijọ́ yẹn kọjá lè fi àmì ìbéèrè rọ́pò wọn: `Fọlákẹ́` á di `F?lák??`. Àmì méjì ló wà ní ìparí, nítorí pé `ẹ́` kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú Unicode: `ẹ` dá wà, ohùn òkè dá wà. Òmíràn kì í fi nǹkan kan rọ́pò, ńṣe ló máa jù wọ́n nù, orúkọ náà á sì di `Flák`. Òmíràn tún wà tó máa ka nọ́ńbà inú fáìlì náà ní àkàṣì, tí `ẹ` á wá di `áº¹`. Èyí tó dáa nínú wọn ló ń bọ́ àmì kúrò tó sì ń fi lẹ́tà sílẹ̀, tó ń fún wa ní `Folake`.

Fọ́ǹtì náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì ní `ẹ` àti `ọ`, kì í ṣe nítorí tiwa o, nítorí pé èdè Fiẹtinámù ń lò wọ́n ni. Fiẹtinámù kò ní `ṣ`. Ìdí nìyí tí orúkọ bíi Ṣadé tàbí Ṣẹ́gun fi máa ń já níbi tí Fọlákẹ́ ti yè. Bí fọ́ǹtì kò bá ní lẹ́tà kan, Word á yá a lọ́wọ́ fọ́ǹtì mìíràn láìsọ fún ọ. Nínú `.pdf`, orúkọ náà á wá di ègé-ègé láti inú fọ́ǹtì méjì, ẹ̀rọ sì lè fi àlàfo sáàárín wọn. Bí o bá ṣàkíyèsí pé `ṣ` rẹ nípọn tàbí ó tínrín ju àwọn lẹ́tà tó yí i ká lọ, ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Noto Sans àti Charis SIL ní gbogbo lẹ́tà wa. Ọ̀fẹ́ sì ni méjèèjì.

Èyí tó jinlẹ̀ jù ni pé orúkọ méjì lè jọra lójú kí wọ́n má sì jẹ́ ọ̀kan náà fún kọ̀ǹpútà. Kíbọọdù kan á fún ọ ní `ẹ` tó ní àmì tóótó nísàlẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ ni `U+1EB9`. Kíbọọdù mìíràn á fún ọ ní `e` tí wọ́n fi ìlà kékeré tó dúró ṣánṣán sí nísàlẹ̀, `U+0329`, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ìwé wa àtijọ́ ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Unicode ní ìlànà tó ń mú oríṣiríṣi ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ lẹ́tà kan wá sí ọ̀kan, àmọ́ kò ka àmì tóótó àti ìlà dídúró sí ohun kan náà. Bí o bá fi `ẹ` kọ orúkọ rẹ nínú fọ́ọ̀mù lọ́dún tó kọjá, tó o sì fi `e̩` kọ ọ́ lọ́dún yìí, ẹ̀rọ tó ń wo àmì ní gangan á sọ pé ẹni méjì ni. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ọgbọ́n àwọn ọmọ káfè, tí wọ́n ń tẹ `e` lásán tí wọ́n sì ń fi `Ctrl+U` fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, kì í ba orúkọ jẹ́ rárá: ìlà náà jẹ́ ọ̀ṣọ́, ẹ̀rọ á bọ́ ọ dànù, `e` á sì kù.

Kí ni kí Fọlákẹ́ wá ṣe? Èrò tèmi ni pé kó kọ orúkọ sókè síífí gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú ìwé ẹ̀rí rẹ̀ àti nínú ìwé ìrìnnà rẹ̀, láìsí àmì: `Folake`. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ ló tọ̀nà. Àmọ́ orúkọ yẹn ni wọ́n máa fi wá a, òun sì ni wọ́n máa fi wé ìwé ẹ̀rí rẹ̀ nígbà tó bá kù díẹ̀ kí wọ́n gbà á. Kó fi orúkọ tirẹ̀ ṣáájú, orúkọ ìdílé kẹ́yìn. Bí a ṣe ń kọ ọ́ ní ilé-ìwé wa, orúkọ ìdílé ṣáájú, lè mú kí ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe lókè òkun pa méjèèjì dà. Nínú lẹ́tà ìwáṣẹ́ tí èèyàn máa kà, kó kọ Fọlákẹ́ pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé àdírẹ́sì rẹ náà lè ṣì ẹ̀rọ lọ́nà? `Oto` nìkan kò tó. Òtò wà ní Ẹ̀bútè Mẹ́ta, Òtò mìíràn sì wà lápá Ìjànikin, lọ́nà Bàdágírì. Lagos gan-an wà ní Potogí. Kọ `Ebute Metta, Lagos, Nigeria`, kó o sì fi `+234` ṣáájú nọ́ńbà fóònù. Kò sí ẹ̀rọ tó mọ ẹ̀yìn ilé epo tàbí iwájú ṣọ́ọ̀ṣì.

Déètì: kọ orúkọ oṣù. `03/04/2021` jẹ́ ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin lọ́dọ̀ wa, ó sì jẹ́ ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta ní Amẹ́ríkà. Fún iṣẹ́ tó o ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, `Present` dáa ju `till date` lọ, nítorí pé kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ló mọ èdè àwa ará Nàìjíríà.

Ṣé o mọ̀ pé o lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ láì náwó? Ṣí `.pdf` náà, tẹ `Ctrl+A`, tẹ `Ctrl+C`, kó o sì lẹ̀ ẹ́ sínú Notepad. Lórí fóònù, lẹ̀ ẹ́ sínú WhatsApp kó o sì fi ránṣẹ́ sí ara rẹ. Bí kò bá gbà kó o yan ọ̀rọ̀ kankan, fọ́tò lo ní, kì í ṣe síífí. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n fi fóònù ya láti ara bébà ló rí bẹ́ẹ̀. Bí o bá rí `Ɵ`, tàbí àmì ìbéèrè nínú orúkọ rẹ, fọ́ǹtì ni kó o pààrọ̀. Bí ìlà òsì àti ọ̀tún bá wọnú ara wọn, òpó ni kó o tú. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ àṣẹ lè lo

```
pdftotext cv.pdf cv.txt
```

Àyẹ̀wò yìí ní ààlà. Lẹ́tà tó bá ti bàjẹ́ nínú Notepad ṣeé ṣe kó bàjẹ́ lọ́dọ̀ wọn náà, àmọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe tò lè yàtọ̀ láti ẹ̀rọ kan sí òmíràn. Ẹ̀rí tó dájú ju ìyẹn lọ wà lórí ìkànnì iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, bó o bá ti gbé síífí sókè tán, á fi fọ́ọ̀mù tí wọ́n ti kún hàn ọ́. Ohun tí ẹ̀rọ rí nínú síífí rẹ gan-an nìyẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kánjú tẹ `Next`, torí pé dátà ti ń tán lọ. Ibẹ̀ ni kí Fọlákẹ́ ti fara balẹ̀ wò ó bóyá `Sage 50` ló wà níbi orúkọ ilé-iṣẹ́, kó pa á rẹ́, kó sì tẹ èyí tó tọ́ sí i. Ohun tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ síbẹ̀ ló máa wọ inú àpótí.

Ṣé o mọ̀ pé wọn kì í sábà ju fáìlì tó o fi ránṣẹ́ nù? Bí orúkọ rẹ bá ti jáde nínú ìwádìí, ẹni tó ń gbani síṣẹ́ lè tẹ̀ ẹ́ kó sì ṣí síífí náà gan-an, pẹ̀lú àwọ̀ àti ìlà rẹ̀.